Ìdáhùn Ìṣẹ́jú Kan

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ wá bá mi ní láàbù, kí ẹ dúró lẹ́nu fèrèsé, kí ẹ sọ pé ẹ ní "táífọ́ọ̀dù díẹ̀ lára". Kí ló ń jẹ́ díẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń lóyún díẹ̀ ni? Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn aládàáni kan tí yàrá ẹ̀ ò ju mẹ́sàn-án lọ. Àǹtí Láàbù ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ táífọ́ọ̀dù yìí sórí ìwé èsì ju iye ìgbà tí mo ti kọ orúkọ ara mi lọ, èmi náà ni mo sì kọ ọ́ fún àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ kúrò níbẹ̀, kódà ibi tó bá máa tì mí lójú.

Àwa méjì péré ni Màámi bí. Àbúrò mi ń ránṣọ ní yàrá iwájú nílé Màámi, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí téèpù tó fi ń wọn èèyàn kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, kódà tó bá ń jẹun. Tó bá rí yín lọ́nà, kò ní kí yín tán tó fi máa sọ bí ìdí yín ṣe fẹ̀ tó. Aláwàdà ni. Èmi ni mo le jù nínú àwa méjèèjì, òun ló máa ń mú mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mi ò fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní láàbù, ó fẹ̀yìn ti ara ògiri.

"Àǹtí mi, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún mi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ara mi ń gbóná, tó bá wá ń lọ, màá làágùn débi pé mo lè fọ aṣọ nínú ẹ̀."

"Ó tó ọjọ́ mélòó?"

"Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì! Orí ẹ pé báyìí? O ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, o wá ń gbé ibà kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì!"

"Aṣọ ìgbéyàwó mẹ́fà ló wà nílẹ̀ o. Ìyàwó tí aṣọ ẹ̀ ò bá pé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbọ́ èébú ẹ̀?"

Mo fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Mo kọ́kọ́ wá ibà ẹ̀fọn nínú ẹ̀, mi ò rí i. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe tẹ̀ lé e. Mo ṣe Wídà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Wídà ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A máa yí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rọ títí omi tó mọ́ á fi yọ sókè. A ní ìgò kéékèèké méjì, ọ̀kan búlúù, èkejì pupa. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ wọ́n ti pa á, wọ́n sì ti pa á láró. A máa kán an sórí táìlì funfun, a máa kán omi ẹ̀jẹ̀ tì í, a máa rò ó pọ̀, a máa wá mi táìlì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún fún ìṣẹ́jú kan. Tí ara ẹni yẹn bá ti ní ohun ìjà tó ń mú kòkòrò yẹn, ohun ìjà náà á so òkú kòkòrò mọ́ra wọn, gbogbo ẹ̀ á ṣù bíi wàrà tó ti bàjẹ́. A óò wá máa dín omi ẹ̀jẹ̀ náà kù, ká mọ ibi tó máa ṣù dé. Ìṣẹ́jú kan péré. Èsì ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wá ìjókòó.

Ti Téèpù ṣù dé 1/160, ìyẹn ìgbà tí a ti dín in kù sí ìdá kan nínú ọgọ́jọ, ti búlúù àti ti pupa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé e fún Dókítà Àgbà, òun ló ni ilé ìwòsàn náà. Kò sí èèyàn burúkú nínú ẹ̀, àmọ́ ìwé ló máa ń wò ju èèyàn lọ. Ó wo ìwé tán, ó ní, "Táífọ́ọ̀dù nìyí kedere," ó kọ oògùn ọjọ́ mẹ́wàá. Kò tiẹ̀ gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí i láyà. Kí ló fẹ́ gbọ́? Ìwé ti sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí, nítorí mi ò lè ní mi ò mọ̀. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa ní ká fa ẹ̀jẹ̀ ara wa, ká ṣe Wídà fún ara wa. Ọgbọ̀n ni wá, ara gbogbo wa le koko, kò sẹ́ni tó ń ṣe ibà. Ẹ̀jẹ̀ àwa mọ́kànlá ló ṣù. Tèmi dé 1/160, bíi ti àbúrò mi gẹ́lẹ́. A bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní níbi tí kòkòrò yìí bá ti wọ́pọ̀ nínú omi táwọn èèyàn ń mu, ọ̀pọ̀ ara ló ti bá a pàdé rí, ohun ìjà tí ara ṣe nígbà yẹn sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè fà á. Kòkòrò míì tó jọ ọ́ lè fà á. Àìsàn míì tó ń da ara láàmú lè ru ohun ìjà àtijọ́ sókè. Ẹni tó sì ní táífọ́ọ̀dù ní tòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè má ṣù rárá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ara ò tíì rọ ohun ìjà. Ó ní tó bá di dandan ká ṣe Wídà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ká ṣe é, kí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá wà láàárín, ká wò ó bóyá ó ti fi ìlọ́po mẹ́rin gòkè. Ẹyọ kan ṣoṣo ò tó gbé dájọ́.

"Wídà ń wo ẹsẹ̀ tí olè tẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá," ó wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ ò mọ olè wo, ẹ ò mọ ọdún wo. Kọ́ṣọ̀ ni kó mú olè náà wá fún yín."

Kọ́ṣọ̀ ni pé ká fa ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀, kí aláìsàn tó lo oògùn apakòkòrò kankan, ká tú u sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú ẹ̀, ká gbé e sínú àpótí tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ká máa wò ó lójoojúmọ́. Tí kòkòrò bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, á jẹun, á bí sí i, ìgò á dàrú. A óò wá mú un, a óò mọ irú ẹni tó jẹ́, a óò mọ oògùn tó lè pa á. Òun náà máa ń tàsé o. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, ó lè má rí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ṣùgbọ́n èyí tó bá rí, ó rí i láàyè. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé mi, mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí, mo gba máàkì tó dáa nínú ìdánwò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró ọjọ́ márùn-ún. Aláìsàn fẹ́ mọ nǹkan tó ń ṣe é kó tó kúrò níbi ìjókòó, dókítà fẹ́ kọ oògùn, ọgá fẹ́ kí ilé ṣófo fún ẹni tó kàn. Ìgò kọ́ṣọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, lẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́. Èmi náà ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n lò ó. Ó rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀.

Téèpù lo oògùn tán. Ibà náà rọlẹ̀, ó tún padà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó wá, Dókítà Àgbà ní ká tún Wídà ṣe, ká wò ó bóyá táífọ́ọ̀dù ti kúrò.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn, "bóyá ó ti kúrò"? Wídà ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí táífọ́ọ̀dù bá tilẹ̀ ti lọ láti oṣù tó kọjá, ohun ìjà ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ̀. Mo ṣe é. Ó ṣù dé 1/160, bíi ti àkọ́kọ́.

"Táífọ́ọ̀dù olóríkunkun," Dókítà Àgbà wí.

Mo ní, "Dókítà, ṣé ká kúkú ṣe kọ́ṣọ̀?"

Ó gbójú sókè. "Lẹ́yìn tó ti gbé oògùn mì fún ọjọ́ mẹ́wàá? Kí lo fẹ́ kó hù níbẹ̀?"

Kò parọ́ pátápátá. Oògùn máa ń pa ohun tí kọ́ṣọ̀ fẹ́ rí. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé ìyẹn gan-an ló fi yẹ ká ti ṣe é ṣáájú, pé ká dá oògùn dúró fún ọjọ́ mélòó kan ká wò ó báyìí. Mo pa ẹnu mi dé. Kí n má parọ́ fún yín, ara tiẹ̀ tù mí. Táífọ́ọ̀dù jẹ́ ohun tí a mọ̀. Ohun tí a bá mọ̀ kì í dẹ́rù bani.

Dókítà Àgbà ní kí wọ́n máa gún Téèpù lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ kí wọn nílé. Téèpù jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ti rù. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ ara ẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ wò ó, Àǹtí mi. Orí ìka yìí ń dùn mí wọn-in, ó sì le bí kóró."

Abẹ́ èékánná ẹ̀ ní ilà dúdú tín-ín-rín, bí ìgbà tí ẹ̀gún igi wọ ibẹ̀.

"Kí ló gún ẹ?"

"Abẹ́rẹ́ ni mo rò. Ara mi ò balẹ̀ mọ́ tí mo bá ń ránṣọ."

"Télọ̀ ọdún mẹ́rìnlá! Abẹ́rẹ́ ń gún ẹ bíi pé ọmọ iṣẹ́ àná ni ọ́!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Màámi rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn padà láti ọjọ́ yẹn wá.

Wídà ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìyẹn ló burú jù, nítorí èmi ni mo bà á jẹ́ fúnra mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi táìlì nígbà tí ọkùnrin kan ń gbá fèrèsé pé òun fẹ́ gba èsì ìyàwó òun kíá. Mo gbé táìlì kalẹ̀, mo lọ dá a lóhùn, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi padà, ìṣẹ́jú kan ti di márùn-ún, etí omi náà ti ń gbẹ. Táìlì tó bá gbẹ máa ń ṣù fúnra ẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọdún kìíní mọ̀ pé ẹ máa da ìyẹn nù ni, kí ẹ tún un ṣe. Èèyàn méjìlá wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo tẹ̀ wò ó, mo rí i pé ó ṣù dé 1/320, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ó ń gòkè!" Dókítà Àgbà pariwo. Láti ọgọ́jọ dé ìlọ́po méjì ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni méjì lè wo táìlì kan náà kí wọ́n yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ oògùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀.

Oògùn náà tán. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, Màámi fi ọkọ̀ gbé Téèpù wá, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró mí. Dókítà Àgbà ti lọ sinmi. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ló wà níbẹ̀, a ti ń pè é ní Dókítà Kékeré lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbé ìwé èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́. Kò wò wọ́n. Ó gbé wọn sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àyà Téèpù. Ó gbọ́ ọ pẹ́. Ó ní kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tún gbọ́ ọ.

"Ta ló ti gbọ́ ọkàn wọn ṣáájú mi?" Ó yíjú sí Màámi. "Mà, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ṣé oríkèé wọn wú rí, tí ibà sì ń ṣe wọ́n?"

Màámi ní, "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Orúnkún kan wú, ó lọ, èkejì wú. Ó lo oṣù kan nílẹ̀."

"Ṣé wọ́n yọ eyín láìpẹ́ yìí?"

Téèpù fúnra ẹ̀ ló fèsì. "Mo yọ ọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ibà yìí tó bẹ̀rẹ̀."

Dókítà Kékeré gbé ọwọ́ ẹ̀, ó wo abẹ́ èékánná, ó fọwọ́ kan orí ìka ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá wò mí. Kò bínú.

Ó fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àǹtí, mi ò rò pé táífọ́ọ̀dù ni. Ó jọ pé àìsàn ìgbà èwe yẹn ti ba ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn wọn jẹ́. Kòkòrò ti ẹnu wọnú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ eyín, ó lọ jókòó síbẹ̀. Oògùn táífọ́ọ̀dù kàn ń pa díẹ̀ nínú ẹ̀ ni, tí ibà fi ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa kọ́ṣọ̀ mẹ́ta, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tó fún wọn ní ohunkóhun."

"Ilà abẹ́ èékánná ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ló ti wá. Kì í ṣe abẹ́rẹ́."

Mo lọ yọ àwọn ìgò lẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́. Mo nu apá àbúrò mi, mo dúró kí ó gbẹ, kí kòkòrò orí awọ má bàa wọ ibẹ̀ wá tàn wá jẹ. Mo fa ti apá ọ̀tún, mo fa ti apá òsì, lẹ́yìn wákàtí kan mo tún padà fún ẹ̀kẹta. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ogún ọdún, ọwọ́ mi ò gbọ̀n rí.

"Háà, Àǹtí mi! Gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí! Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ."

"Ẹ máa gbọ̀n lọ. Ẹ̀yin lẹ ní abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ gún ọ̀jáfáfá."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí mo ti gbé ìgò kẹta kúrò, Dókítà Kékeré bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó máa ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kò dúró de èsì. Ó dá a dúró sí wọ́ọ̀dù wa, ó sì pe ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n gbà á, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn ẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ò ní ṣófo àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ kejì, ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ lóló. Mo wò wọ́n láàárọ̀, mo wò wọ́n lọ́sàn-án. Mo tiẹ̀ gbàdúrà burúkú kan: mo ní kí wọ́n má hù, kó jẹ́ pé ọmọ yẹn ti ṣàṣìṣe, kó jẹ́ táífọ́ọ̀dù náà ni. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, ara Téèpù ti tutù díẹ̀. Ó ti bẹ nọ́ọ̀sì kan pé kó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ kí òun bá a tún bọ́tìnnì ẹ̀ tó já rán.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣí àpótí láàárọ̀, ìgò kan ti dàrú. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀, mo kùn ún láró, mo fi maikirosikópù wò ó. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù máa ń rí gbọọrọ bí ọ̀pá kéékèèké, á sì pupa. Àwọn èyí rí róbótó, wọ́n dúdú bí aró, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo gbójú kúrò, mo tún gbójú padà. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń sáré bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń pe orúkọ mi.

Bọ́tìnnì ló ń rán. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fẹ́ mú un, ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra. Ẹnu ẹ̀ ti yí. Dókítà Kékeré ní nǹkan kan ti já níbi tí kòkòrò ti kóra jọ sí nínú ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ti gbé e lọ sínú ọpọlọ. Téèpù ń wò mí. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ohùn ń jáde, ọ̀rọ̀ ò sí nínú ẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ pé kó dákẹ́ ẹnu ẹ̀, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́, kó sọ ohunkóhun.

Ó kú lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ńlá ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn.

Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló hù, nǹkan kan náà ló sì hù nínú wọn. Kò lè jẹ́ ti orí awọ. Mo fi í ránṣẹ́ sí láàbù ńlá kí wọ́n bá wa fi ojú sí i, ìwé wọn sì dé ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí a sin Téèpù. Kòkòrò tó máa ń gbé inú ẹnu ni, bí Dókítà Kékeré ti wí. Wọ́n kọ orúkọ àwọn oògùn tó lè pa á tò. Èyí tó wà lókè pátápátá ni penisilíìnì. Díẹ̀ bíńtín ló máa pa á. Oògùn tó ti wà kí wọ́n tó bí Màámi, tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù wa débi pé a máa ń sọ èyí tí ọjọ́ ẹ̀ bá lọ nù. Ká ní mo fa ẹ̀jẹ̀ yẹn sínú ìgò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fẹ̀yìn ti ara ògiri mi, ọ̀sẹ̀ kan ni ìdúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni abẹ́rẹ́. Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàbù, mo ké bí ọmọdé.

Mo mú ìwé náà, mo lọ sílé. Àwọn obìnrin àdúgbò ti yí Màámi ká, wọ́n ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀kan ń sọ pé táífọ́ọ̀dù burú, òun náà ti ní i lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́dún yìí. Màámi ń mi orí. Mo dúró títí wọ́n fi lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀.

"Màámi, kì í ṣe táífọ́ọ̀dù."

Ó wò mí.

"Táífọ́ọ̀dù kọ́ ló pa á. Ọkàn ẹ̀ ni kòkòrò wọ̀. Abẹ́rẹ́ wà tó lè wò ó sàn. Àyẹ̀wò tí a ṣe ò lè rí i, mo sì mọ̀ pé kò lè rí i."

"Ta ló ṣe àyẹ̀wò náà?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀kẹta, mo tiẹ̀ ṣe é lódì, mo mọ̀ pé mo ṣe é lódì, mi ò tún un ṣe."

Kò sunkún. Ó na ọwọ́, mo gbé ìwé náà fún un. Kò mọ̀wé kà, àmọ́ ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ abẹ́ tìmùtìmù tó jókòó lé.

"Dìde," ó ní.

"Màámi, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bú mi."

"Mo ní kó o dìde. Ọmọ méjì ni mo bí. Tí wọ́n bá gbọ́ ohun tó o sọ yìí ládùúgbò, èmi ò ní ọ̀kankan mọ́." Ó fi etí aṣọ nu ojú mi, ó nù ún kíkankíkan bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. "Táífọ́ọ̀dù ló pa àbúrò ẹ. Ṣó o gbọ́ mi?"

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tí Téèpù rán aṣọ ìgbéyàwó fún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ti kún ojú ẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Kí ni wọ́n ní ó ṣe wọ́n gan-an?"

Màámi ń wò mí.

Mo ní, "Táífọ́ọ̀dù ni."